Obìnrin ọjà àti intasẹ́kṣọ́nálítì: ìdí tí àròpọ̀ ò fi tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Mò ń kọ tísíìsì másítà mi lórí àwọn obìnrin tó ń tajà lọ́jà, mo sì ti sọ pé intasẹ́kṣọ́nálítì ni mo fẹ́ lò, ìyẹn wíwo bí oríṣi ìyà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ń para pọ̀ di ìyà mìíràn lára ẹnì kan. Sùpáfáísọ̀ mi wá ka ṣápítà tí mo kọ, ó ní gbogbo ẹ̀ ò ju "obìnrin ni wọ́n, tálákà sì tún ni wọ́n" lọ, pé mo kàn ń ro ìyà pọ̀ ni. Báwo ni mo ṣe máa fi hàn pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọ̀rọ̀ kíláàsì ń bá wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi là á yé.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, sùpáfáísọ̀ ẹ ò purọ́ o, má bínú. Irú tísíìsì bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣápítà kan fún ìyà obìnrin, ṣápítà kan fún òṣì, tó bá wá dé ìparí wọ́n á ní ẹrù méjì làwọn obìnrin yìí ń rù, ó tán. Ẹni tó kà á ò rí nǹkan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kó o máa wá ni nǹkan kan pàtó tó ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tálákà, tí kò ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin tálákà tó wà lọ́jà yẹn, tí kò sì ṣẹlẹ̀ sí obìnrin olówó tóun náà wà níbẹ̀. Tó o bá ti rí i, o ti bọ́. Tó ò bá rí i, àròpọ̀ lo ṣì ń ṣe, kò sí bó o ṣe fẹ́ kọ ọ́ kó dùn tó.

Jẹ́ n lọ sí ìdí ẹ̀ díẹ̀, torí ẹjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ló là á yé mi jù lọ. Kimberlé Crenshaw, olùkọ́ òfin kan ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú, òun ló sọ ọ́ lórúkọ intasẹ́kṣọ́nálítì nínú ìwé kan lọ́dún 1989, ó sì fi ẹjọ́ tí wọ́n dá ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 1976 ṣàlàyé. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú 5 ló pe General Motors lẹ́jọ́. Kí ọdún 1964 tó dé, ilé iṣẹ́ yẹn kì í gba obìnrin aláwọ̀ dúdú, ìgbà tí wọ́n wá gbà wọ́n tán tí nǹkan sì le, wọ́n ní ẹni tó dé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tí wọ́n gbà lẹ́yìn 1970 ṣe bá a lọ. Adájọ́ ní wọn ò lè sọ pé torí àwọn jẹ́ obìnrin ni, ó ṣe tán ilé iṣẹ́ yẹn ti ń gba obìnrin síṣẹ́ tipẹ́. Òótọ́ ni, obìnrin òyìnbó ni wọ́n ń gbà. Ti àwọ̀ ńkọ́? Ó ní kí wọ́n lọ da tiwọn pọ̀ mọ́ ẹjọ́ àwọ̀ mìíràn tó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá wá ní àwọn fẹ́ pe ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó ní rárá, òfin ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣé o rí i báyìí? Ìyà yẹn hàn kedere, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín in sọ́nà méjì, kò hàn lọ́nà kankan mọ́.

Àwọ̀ àti obìnrin ni tiwọn lọ́hùn-ún. Tiwa níbí obìnrin àti owó ni, ihò tó wà nínú òfin tiwa sì wà níbòmíì. Lọ ka ẹsẹ 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999. Ó ka àwọn nǹkan tí wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fi ẹ̀tọ́ dun èèyàn: ẹ̀yà, ibi téèyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú, títí kan bí wọ́n ṣe bí èèyàn. Òṣì ò sí níbẹ̀. Nítorí náà kò sí káńsù tó máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "a ò fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù torí pé obìnrin ni ẹ́", owó ni wọ́n á ní kò pé, tàbí rìsíìtì ni ò sí, ibi tí wọ́n sì ti lè dá a dúró lábẹ́ òfin náà nìyẹn. Fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Gba ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ ná. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wù pé kó kọ irú ẹ̀ sínú tísíìsì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo máa ń ní káwọn ọmọ kíláàsì mi ti bẹ̀rẹ̀. Mú èèyàn mẹ́ta nínú ọjà kan náà. Ìyá alátà tó pàtẹ sílẹ̀, oníbáró tó ń bá wọn ti ẹrù, àti màdáàmù tó ní ṣọ́ọ̀bù léèsì nínú plásà tó kọjú sí títì. Ìtọ̀ gbọ́dọ̀ gbọn gbogbo wọn. Oníbáró á gba ẹ̀yìn ògiri lọ, ibi tí wọ́n kọ "má tọ̀ síbí" sí gan-an, kò sẹ́ni tó máa bi í. Màdáàmù ní kọ́kọ́rọ́ tọ́ílẹ̀tì plásà lọ́wọ́, ó ti wà nínú owó tó san. Ìyá alátà nìkan ló máa sanwó lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ̀tì ọjà. Ká kàn fi 100 náírà lẹ́ẹ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, 300 náírà nìyẹn, tó bá fi ọjọ́ 26 tajà lóṣù, 7,800 náírà ti lọ, a ò tíì ka ìgbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù tó máa ní láti lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó yẹn gan-an kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Tó bá dìde, ta ló máa bá a ṣọ́ àtẹ? Màdáàmù ní ọmọ ìṣọ́ọ̀bù, òun ò ní, ó sì lè jẹ́ ìṣẹ́jú tó lọ yẹn ni kọ́sítọ́mà tó máa ra ata ike ọ̀dà kan máa dé tó máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà kí ló ń ṣe? Kì í mu omi. Láti aago 6 àárọ̀ títí di ọ̀sán nínú oòrùn, kò ní mu omi, kó má baà tọ̀. Tó o bá gbé kwẹ́ṣọ́nẹ́à lọ bá a tó o bi í pé "ṣé wọ́n ń fìyà jẹ yín torí pé ẹ jẹ́ obìnrin?", á wò ẹ́ lójú, á ní rárá o, ta ló ń fìyà jẹ mí, kí lo fẹ́ rà? Ṣùgbọ́n bi í pé "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti mu omi látàárọ̀, mà?" Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ọ.

O ò rí i pé kò sí òfin kankan níbẹ̀ tó dárúkọ obìnrin, owó tọ́ílẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ṣe rìsáàṣì lórí òṣì nìkan á kọ owó tọ́ílẹ̀tì sílẹ̀ lára ìnáwó, kò ní mọ̀ pé ọkùnrin tó tálákà bíi tiẹ̀ kì í san án. Ẹni tó ń ṣe ti obìnrin nìkan á lọ bi màdáàmù oníléèsì, ìyẹn á ní tọ́ílẹ̀tì kì í ṣe ìṣòro àwọn.

Ó yá, ká lọ síbi tó jinlẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ ọjà. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ́, orí èyí ni mo máa gbé gbogbo tísíìsì náà lé.

Kọ́kọ́ bi ara ẹ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ata ló ń tà. Àwọn ọjà kan wà tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan kó tó dá dúró, bíi páàtì ọkọ̀ àti ẹ̀rọ iná, ọmọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀. Ata ò béèrè ìyẹn. Wàá bá ìyá ẹ jókòó nídìí ẹ̀, wàá gba apẹ̀rẹ̀ kan láwìn lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wá láti òkè ọya, wàá tà á tán, wàá san owó ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀la wàá tún gba òmíràn. Ó rọrùn láti wọ̀, ìdí ẹ̀ sì nìyẹn tí èrè ẹ̀ fi kéré, torí gbogbo ẹni tí kò ní owó ibòmíì ló ń wọ̀ ọ́. Tòmátì ò sì ní dúró dè ẹ́, tó bá ti pé ọjọ́ kẹta ó ti ń rọ̀, wàá ta á lẹ́dìn-ínwó. Ẹni tó ń ta páàtì lè ti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù kan, ọjà ẹ̀ ò ní bàjẹ́. Nítorí náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lọ́jà yẹn, jíjẹ́ obìnrin ti bá a yan ọjà tó ń tà, ọjà tó ń tà ti bá a yan irú owó tó máa máa rí, owó kékeré tó ń wọlé lójoojúmọ́ tí kò ní pọ̀ lójú kan láéláé. Bí jẹ́ńdà ṣe ń ṣe kíláàsì nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Wàyí o, káńsù ní àwọn fẹ́ wó ọjà, dẹfẹ́lọ́pà máa bá wọn kọ́ ọ, ọjà ìgbàlódé. Èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí àpẹẹrẹ ni o, má lọ kọ ọ́ bíi dátà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan tuntun jẹ́ 1,500,000 náírà, kéèyàn san 600,000 sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, kó wá máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ìyá alátà ń dá àjọ 1,000 náírà lójúmọ́ lọ́wọ́ alájọ. O mọ bí àjọ ṣe ń lọ, tó bá dá ọjọ́ 31, 30 ni wọ́n máa kó fún un, ọjọ́ kan ni ti alájọ. Oṣù mẹ́ta, tí ò bá ṣẹ́ ẹyọ kan, tọ́mọ ò ṣàìsàn, 90,000 náírà ló máa ní lọ́wọ́. 510,000 ló kù.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dúró nìyí, wọ́n á ní "òṣì ò jẹ́ kí àwọn obìnrin rí ṣọ́ọ̀bù". Sùpáfáísọ̀ ẹ á ní ọkùnrin tálákà náà ò ní lè san án, kí lo fẹ́ fi jà? Òótọ́ ni, kò lè san án. Nítorí náà má dúró síbẹ̀, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú owó àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ṣáájú owó, ìwé orúkọ ló kọ́kọ́ wà. Kí wọ́n tó wó ọjà, wọ́n máa ń ka àwọn tó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á? Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn tó ní rìsíìtì ọdọọdún lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ wọlé. Ẹni tó pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ agboòrùn, tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ ló ń já, pépà pẹlẹbẹ tó máa fi nu ọwọ́ nírọ̀lẹ́ tó máa sọ nù. Ó lè ti já a fún ogún ọdún o. Lójú ìwé, kò sí níbẹ̀ rí. Ta ló wà lábẹ́ agboòrùn? Ka orí wọn lọ́jà tó bá wù ẹ́, àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ tútù ló pọ̀ jù. Oníbáró ò ní ojúkò kankan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọjà, á ti báró ẹ̀ lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Màdáàmù oníléèsì ní rìsíìtì. Òfin "mú rìsíìtì wá" ò dárúkọ akọ, kò dárúkọ abo, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló mú kúrò lọ́jà.

Lẹ́yìn owó ńkọ́? Tí wọ́n bá lé e, kì í ṣe ilẹ̀ tó jókòó lé nìkan ló pàdánù. Àwìn yẹn náà lọ, torí ẹni tó ń já apẹ̀rẹ̀ fún un mọ ibi tó ti máa bá a nírọ̀lẹ́ ni ó ṣe ń já a. Ọkùnrin tó ń tajà kéékèèké lè gbé tiẹ̀ lọ sọ́jà tó jìnnà, tàbí kó máa tà á ní gáréèjì títí aago 10 alẹ́. Òun gbọ́dọ̀ ti délé torí ọmọ. Ọjà Tẹjúoṣó ní Yábàá l'Ékòó jóná ní Oṣù Kejìlá 2007, ọdún 2014 ni wọ́n ṣí tuntun. Ronú sí i, ọdún tó ju mẹ́fà lọ, kí ni ẹni tó ń ta ohun tó ń rà ní ọjọ́ mẹ́ta máa máa ṣe títí di ìgbà yẹn? Àwọn ọjà tuntun yìí tún máa ń jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ta ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ ra ata? Oníléèsì á ní kọ́sítọ́mà tó máa gùn ún wá, torí èèyàn ò ra léèsì lójoojúmọ́, ó máa ń fi ọjọ́ kan jáde fún un ni. (Àwọn tó ya àwòrán ọjà wọ̀nyí, mo máa ń rò ó bóyá wọ́n ti ra ata rí.)

Ká wá ní ó rí owó náà kó jọ, ọkọ ẹ̀ fún un ní 300,000, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yá a ní ìyókù. Orúkọ ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù? Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ ọkọ ni, torí òun ló lọ sí bánkì, òun ló mọ̀ ọ́n kọ. Nǹkan ò ṣe títí bàbá fi kú. Ní 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà yẹn sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó ò lè jogún dúkìá ọkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń jogún, àtọkùnrin àtobìnrin. Tó bá bímọ tọ́mọ náà sì dàgbà, á máa bá ọmọ gbé e. Tí kò bá bí, tàbí tí orogún bá wà, ṣọ́ọ̀bù tó fi àjọ ẹ̀ san apá kan ẹ̀ ti di ti ẹbí. Màdáàmù oníléèsì ńkọ́? Obìnrin lòun náà, ọkọ tiẹ̀ náà lè kú. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó ti ṣègbéyàwó kọ́ọ̀tù, òfin á sì fún un ní ìpín, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ìwé tiẹ̀ látilẹ̀, ó mọ lọ́yà. Owó ló jẹ́ kó bọ́ nínú àṣà tó mú ẹnì kejì. Ọkùnrin tálákà, tí ìyàwó ẹ̀ bá kú, kò sẹ́ni tó máa wá bi í pé ta ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ń lò.

Ṣé o ti ń rí i? Ẹ̀ẹ̀mẹta la bi ìbéèrè kan náà, nídìí ìwé orúkọ, nídìí ibi tó lè lọ, nídìí orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì dá obìnrin tálákà yọ sọ́tọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjì tó kù. Owó tó kù díẹ̀ káàtó nìkan ni òun àti ọkùnrin tálákà jọ pín, òun nìyẹn tí gbogbo èèyàn sì ń kọ nípa ẹ̀.

Tí wọ́n bá ní intasẹ́kṣọ́nálítì yìí, nǹkan òyìnbó ni, fún wọn ní ti Abẹ́òkúta. Ọdún 1932 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú sílẹ̀, àwọn tó kàwé, ọmọ ìjọ, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Obìnrin ni gbogbo wọn, ìjọba òyìnbó sì ń yọ obìnrin lẹ́nu gan-an nígbà yẹn: láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí lọ́tọ̀ ọkọ ẹ̀, ṣílè 2 àti sísì, kò sì sí obìnrin kan nínú àwọn tó ń jókòó ṣèlú. Síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àárín ogun Hitler ló tó di pé àwọn obìnrin ọjà wá ń bá wọn kẹ́kọ̀ọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń gbọ́ pé àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, owó tí wọ́n ń san fún un ò tó nǹkan, ìgbà míì wọn ò sanwó rárá.

Fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Ta ló ń ta ìrẹsì? Obìnrin ọjà. Ọkùnrin tálákà ò tà á, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ nídìí ìyẹn. Obìnrin ọ̀làjú ń jẹ ẹ́ ni, kò tà á, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀. Ẹgbẹ́ náà gbé e sójú ìwé ìròyìn ní 1945, àwọn aláṣẹ sì jáwọ́ níbẹ̀. Owó orí náà, ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ò tíì san, àwọn agbowó orí a sì máa bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti tó sísan. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ aṣọ ọmọkùnrin. Ti àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé àwọn ìjọ, rò ó fúnra ẹ bóyá agbowó orí kan máa gbójú gbóyà débẹ̀.

Ohun tó tún wù mí níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí ẹgbẹ́ náà gan-an. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún obìnrin ọjà, Yorùbá ni wọ́n wá ń sọ nípàdé, Ìyáàfin Ransome-Kuti fúnra ẹ̀ sì ń wọ ìró àti bùbá dípò gáùn. Àwọn kan á kà á sí àṣà lásán. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí i pé tí ìpàdé bá ń jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n gba ìrẹsì lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní lè sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní gbọ́ ohun tó máa sọ. Ní 1947 wọ́n dóti ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí àwọn aláṣẹ fi dá owó orí obìnrin dúró, nígbà tó sì di Oṣù Kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Wàyí o, má lọ sọ gbogbo nǹkan di intasẹ́kṣọ́nálítì o, torí àṣìṣe kejì tí wọ́n máa ń ṣe nìyẹn. Tó o bá bi àwọn èèyàn mẹ́ta wa nípa àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó lè jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbáró àti ìyá alátà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà halẹ̀ mọ́ wọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́jà tó o lọ, kọ ọ́ pé kíláàsì ni, kó o sì kọjá lọ. Tó o bá tún rí i pé wọn ò jẹ́ kí obìnrin kankan sọ̀rọ̀ nípàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, tálákà ni o, olówó ni o, jẹ́ńdà nìyẹn. Tísíìsì ẹ á níyì sí i tó o bá fi ibi tí kò ti ṣiṣẹ́ hàn.

Má sì kó gbogbo obìnrin ọjà sójú kan. Ìyálọ́jà tó ní ilé tó ń gbà rẹ́ǹtì, tó jẹ́ pé òun ni káńsù ń pè tí wọ́n bá fẹ́ pín ṣọ́ọ̀bù, obìnrin ni, ọkùnrin lè rẹ́ òun náà jẹ níbi tí àwọn tó jù ú lọ wà, ṣùgbọ́n nínú ọjà òun ló ń sọ ẹni tí orúkọ ẹ̀ máa wọ ìwé. Wọ́n lè ní kí ìyá alátà mú nǹkan wá kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀. Obìnrin ló ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin. Tó bá jẹ́ Ìyálọ́jà nìkan lo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, torí òun ló rọrùn láti rí, òun sì ni wọ́n ní kó o kọ́kọ́ kí, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látòkè, kò ní hàn sí ẹ rárá. Kí i tán, gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀, kó o wá lọ jókòó lábẹ́ agboòrùn. Lẹ́yìn ìyá alátà, aláàárù obìnrin tún wà, tí kò ní àtẹ rárá, orí ló fi ń ru ẹrù, bóyá kò sì gbọ́ èdè ìlú yẹn dáadáa. Àyè òun náà yàtọ̀.

Fún ṣápítà kẹrin ẹ, mú ìpinnu kan ṣoṣo, bíi ìwé orúkọ àtúnkọ́ ọjà tí mo sọ yẹn, má mú márùn-ún. Wá èèyàn mẹ́rin tí ìpinnu yẹn kàn: obìnrin tálákà, ọkùnrin tálákà, obìnrin olówó, ọkùnrin olówó, gbogbo wọn nínú ọjà kan náà, nígbà kan náà. Bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà gẹ́lẹ́: ìwé wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, ọwọ́ ta ni ìwé yẹn wà, orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀, kí lẹ ṣe nígbà tí kò pé, ibo lẹ ti ń tajà ní ọjọ́ kejì tí wọ́n wó o. Má bi wọ́n ní "torí kí ni", wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rò pé o fẹ́ gbọ́ fún ẹ. Ìwọ lo máa tẹ́ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú ara wọn tó o bá délé. Tó bá ṣeé ṣe, bẹ ìyá kan kó bá ẹ kó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kan jọ kó má sọ wọ́n nù, lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà kan, kó o wá lọ bi àwọn ará káńsù bóyá wọ́n á gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó ń tajà níbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.